Mo ti sanwó lógò tán, ẹni tó yà á ní òun ló ṣì ni ín

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Ọmọkùnrin tó ya lógò wa, tó tún kọ àpù wa, ní àfi kí n san owó mìíràn kí n tó fi lógò náà forúkọ sílẹ̀ bí àmì ọjà. Mo ti san gbogbo owó rẹ̀, risíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ni ín ni?

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ forúkọ iléeṣẹ́ yín sílẹ̀, ó tán.

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Risíìtì fi hàn pé ẹ sanwó ni, kò fi hàn pé ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ 1988 ti ibí, ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ò sí lábẹ́ ìyẹn. Òun ló ni ẹ̀tọ́ náà àfi tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé e fún yín, tó sì buwọ́ lù ú. Àyè láti lò ó lẹ ní báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ ta iléeṣẹ́ yẹn lọ́la, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè ìwé náà.

Délé Houston: Ẹ kó wá sọ́dọ̀ wa! Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó sanwó ló niṣẹ́.

Àǹtí Bísí, Dallas: Délé, rárá o. Oríṣi iṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ni òfin gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, lógò lásán ò sí nínú wọn. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gan-an, àfi kí tọ̀tún tòsì buwọ́ lùwé.

Délé Houston: Lọ́yà mi ló kọ tèmi, kò sí wàhálà kankan.

Àǹtí Bísí, Dallas: Lọ wo ìwé rẹ nísàlẹ̀. Á ti fi ìlà kan sí i pé tí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó ṣe é gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹ. Ìlà yẹn ló gbà ẹ́.

Ìyá Ayọ̀, Leeds: Àwa gba ìbuwọ́lùwé o, síbẹ̀ ó ná wa lówó gọbọi. Iléeṣẹ́ tó bá wa ṣe é ló buwọ́ lù ú, ẹlòmíì tí wọ́n háyà ló sì yà á. Wọn ò gba ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀.

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Irú ẹ̀ ló ṣe Griggs, àwọn tó ni bàtà Dr Martens tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ ìpolówó gbé lógò wọn fún ayàwòrán tó ń dá ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ayàwòrán náà gbé ẹ̀tọ́ náà fún oníbàtà kan ní Australia. Kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn dá Griggs láre ní 2005, wọ́n ní ó ti hàn látìbẹ̀rẹ̀ pé ti Griggs ló máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ wò ó, tí wọ́n bá ti dá Griggs láre, Màmá náà á borí. Ẹ má san kọ́bọ̀!

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ta ló fẹ́ rojọ́ dé kòtẹ́milọ́rùn nítorí lógò? Ẹ bá ọmọ náà dúnàá dúrà, kí ìwé kan ṣoṣo dárúkọ lógò àti kóòdù àpù náà. Ẹ bi í bóyá ẹlòmíì bá a kọ lára kóòdù yẹn, torí ẹni náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pẹ̀lú.

Délé Houston: Manchester, ẹ kú òjò o. Oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ tiwa.

Àǹtí Bísí, Dallas: Oòrùn Houston tó ń jó èèyàn! Dallas dáa jù.

Ìyá Ayọ̀, Leeds: Ẹ̀yin ẹ ń jà sí oòrùn, èmi ò tíì rí i látàárọ̀. Ilé ń sọ mí o.