"Haraka haraka haina baraka": òwe wa wo ló lè jókòó sí àyè rẹ̀?

Ọmọ Ìlá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn kékeré kan tí aládùúgbò mi ará Mombásà kọ ni mò ń túmọ̀ láti èdè Sùwàhílì fún àwọn ọmọdé. Ìyá àgbà kan ń kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣàpátì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan. Ọmọ náà kò jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sinmi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, ni ṣàpátì bá le bí awọ bàtà. Ìyá sọ pé: "Haraka haraka haina baraka." Ó wá gbé ṣàpátì náà sókè, ó ní: "Sasa baraka iko wapi?" Ìbùkún ni baraka. N kò fẹ́ túmọ̀ òwe náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òwe Yorùbá wo ló lágbára bíi tirẹ̀, tí mo lè fi rọ́pò?

Ọmọ Ọ̀fà:
A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ààfáà:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òwe yẹn ń sọ. Èdè Lárúbáwá ni haraka, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan máa mira, kó máa lọ. Nílé kéwú wa, haraka ni à ń pe àwọn àmì tí à ń fi sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́tà kí ohùn lè jáde. Nítorí náà, ẹni tí kì í jókòó síbì kan ni òwe náà ń bá wí, ẹni tó ń ti oko bọ́ sí odò, tó ń ti odò bọ́ sí ọjà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí àlùbáríkà. Ẹ wá òwe alárìnkiri fún un.

Bàbá Olùkọ́:
Ààfáà, ẹ ṣeun, ìdajì ọ̀nà lẹ gbé wa dé. Láti inú Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́hùn-ún. Àmọ́ nígbà tó dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó yí padà. Ní ẹnu àwọn ará Mombásà àti Sansibá, haraka ni ìyára, ìkánjú. Bí o bá gbọ́ "njoo haraka", "tètè wá" ni wọ́n ń wí, kì í ṣe "wá máa rìn kiri". Ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn ń lò fún ìkánjú ni ajala, èyí tí ẹ̀yin Ààfáà máa ń fi wàásù pé ọ̀dọ̀ Ṣèétánì ló ti wá. Ọ̀rọ̀ tí a yá kì í rántí gbogbo ohun tó mọ̀ nílé baba rẹ̀.

Ó wá ku ọbẹ̀ gbígbóná. Ọmọ Ọ̀fà, òwe rẹ dára, ṣùgbọ́n wo ẹni tí ìyà ń jẹ níbẹ̀. Ẹnu ẹni tó kánjú ló ń bó, lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa nínú òwe Sùwàhílì. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí a fi ìkánjú ṣe lè parí o, àní ó lè tètè parí, àmọ́ nǹkan kan kò ní sí nínú rẹ̀. Ṣàpátì wà, ẹ wò ó nínú àwo, ohun tó ń jẹ́ kó ṣe é jẹ ni kò sí. Àìní ni ìyà náà, kì í ṣe ọgbẹ́.

Bí mo bá gbé àwọn òwe wa yẹ̀ wò báyìí, "Asáréteete kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ" ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń lé nǹkan tí ẹlòmíràn gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń ṣe ṣàpátì kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. "Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún" ń ṣèlérí èrè fún ẹni tó dúró; ìyá yìí kò ṣèlérí kankan, ìbáwí ló ń ṣe. Bí ìtàn bá ti rí ló yẹ kí á yan òwe, kì í ṣe pé ká ní gbogbo òwe ìkánjú jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọmọ Ìlá, ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù lọ ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé òwe náà. Ìyá ní, "Nísinsìnyí, baraka dà?" Inú òwe ló ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ. Bí o bá fi ọbẹ̀ gbígbóná rọ́pò, kí ni ìyá yóò wá béèrè? "Ọbẹ̀ dà?" Kò sí ọbẹ̀ nílé. Òwe tí o bá yàn ní láti fún ìyá ní ọ̀rọ̀ kan tó lè dì mú nígbà tó bá gbé ṣàpátì sókè.

Bọ̀dá Atẹ̀wé:
Ẹ ṣọ́ra fún títúmọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan o! Ó ṣe mí rí. Wọ́n gbé ìwé ìléwọ́ kan fún mi kí n túmọ̀ òwe yìí kan náà sí i, wọ́n ní àwọn ń dúró. Mo kọ "Ìyára ìyára kò ní ìbùkún." Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, ó kù "Iyara iyara ko ni ibukun". Lọ́jọ́ ayẹyẹ, màmá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, iyàrá wo ni kò ní ìbùkún nínú ilé yìí? Kí n má lọ sùn síbẹ̀." N kò gba iṣẹ́ àdúródè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ̀rín pa mí o. Ó dáa, mo gbà pé ọbẹ̀ kò wọlé. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n" ńkọ́?

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá àgbà lè sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọmọdé, olùkọ́ tó máa kà á sókè ní kíláàsì ni mò ń ṣàánú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ewu wà nínú òwe yẹn. Bí ọwọ́ bá yára jù níbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ju ṣàpátì líle lọ.

Ìyá Alákàrà:
Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kò gbọ́ Sùwàhílì. Ìyẹ̀fun ni mo gbọ́. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń ṣe bọ́ńsì àti mítì páì tà. Ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tí kò sinmi tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í gbọ́ràn. Bí o bá nà án, á sún padà bíi rọ́bà. O tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó tún sún kì. Bí o bá wá fi tipátipá nà án bẹ́ẹ̀, tí o gbé e sórí iná, ó dájú pé yóò le. Bí o bá bò ó mọ́lẹ̀ tí o lọ ṣe nǹkan mìíràn, nígbà tí o bá padà dé, ọwọ́ lásán ni wàá fi nà án.

Ṣé ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé kò rí i ni? "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Ọmọ yẹn fi agbára mú un, ó sì le koko. Òwe wa ti wà nínú ìyẹ̀fun náà tẹ́lẹ̀.

Bàbá Olùkọ́:
Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti rò ó wò tẹ́lẹ̀, mo sì ti jù ú nù nítorí pé ó bá agbára wí, kò bá ìkánjú wí. Níbi ọ̀rọ̀ ìjà àti ẹjọ́ ni mo ti sábà máa ń gbọ́ ọ, láti fi pẹ̀tù sí àárín tọkọtaya tàbí àárín ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. N kò mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ìkánjú ló ń sọ ara rẹ̀ di agbára. "Le koko" sì ni ohun tí ìyá ń wá. Ó lè gbé ṣàpátì sókè, kó kàn án mọ́ etí àwo kí ọmọ gbọ́ bó ṣe ń dún, kó ní, "Ṣé o gbọ́ bó ṣe le koko?" Ìbéèrè rẹ̀ á padà wọ inú òwe.

Ẹyọ kan ló kù tí ń dùn mí. Òwe Sùwàhílì fúyẹ́. Haraka, baraka: ohùn méjì tó jọra, ọmọ ọdún márùn-ún á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á sì máa fi ṣeré. Tiwa yìí wúwo, ó gùn, ohùn àgbà wà lára rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ jẹ́ ká dá tiwa nígbà náà: "Wàràwàrà ò ní bárákà." Ẹ kà á sókè. Ó pe méjì bíi haraka haraka, ó tún jọra lóhùn.

Ààfáà:
Mo fọwọ́ sí i tọwọ́ tẹsẹ̀. Bárákà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Òun àti àlùbáríkà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn Haúsá ló ń pè é ní albarka kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá mi kì í bu oúnjẹ kó má ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ìyá ará Mombásà yẹn pẹ̀lú, mo mọ̀ pé pẹ̀lú "Bìsìmílà" ló fi pò ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá yọ baraka kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀dá Atẹ̀wé:
Kò ní ṣàjèjì sí àwa onígbàgbọ́ náà. Ìwé Òwe orí 20 ẹsẹ 21 sọ pé ogún tí èèyàn bá fi ìkánjú jẹ, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kì í ní ìbùkún. Àmọ́ "wàràwàrà" kò lè jẹ́ olùwà nínú gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan ni. À ń sáré wàràwàrà. Wàràwàrà kì í dá dúró kó ní nǹkan.

Bàbá Olùkọ́:
Òwe máa ń gba irú rẹ̀ láyè. "Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo" ńkọ́?

Bọ̀dá Atẹ̀wé:
Ọ̀rọ̀ ìkíni ni pẹ̀lẹ́ yẹn, orúkọ ni. Kò jọra.

Bàbá Olùkọ́:
A ó máa bá a lọ lórí ìyẹn. Èmi ní ẹ̀sùn mìíràn. Ohun tí Ọmọ Ọ̀fà dá kì í ṣe òwe Yorùbá, òwe Sùwàhílì tó wọ agbádá ni. Ọmọ Ìlá sì ti sọ pé òwe tó ti wà lẹ́nu wa lòun ń fẹ́. Bí bàbá tó ń kà á fún ọmọ bá dé ibẹ̀, kò ní mi orí bí ìgbà tó bá òwe tó mọ̀ pàdé. Mímiorí yẹn ni agbára òwe. Síbẹ̀, ọmọ náà ló máa gbádùn ti Ọmọ Ọ̀fà jù, n kò lè purọ́.

Ìyá Alákàrà:
Kí ìyá àgbà sọ méjèèjì ńkọ́?

Ọmọ Ìlá:
Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá, ẹ̀yin náà Bàbá. Mo gbìyànjú méjèèjì papọ̀, ó ti pọ̀ jù. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Mo wá kọ ẹ̀dà méjì. Nínú èkíní, ìyá ní, "Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko," ó fi ṣàpátì kan etí àwo. Mo ge ìdajì àkọ́kọ́ kúrò. Yorùbá tó bá gbọ́ ìdajì á parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. Nínú èkejì, ó ní, "Wàràwàrà ò ní bárákà. Bárákà dà báyìí?"

Mo túmọ̀ èkíní padà fún aládùúgbò mi. Ó fara mọ́ ọn, ó ní bí ìyá òun ṣe ń kanra gan-an nìyẹn. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í bínú nígbà tó bá ń sọ òwe yẹn. Ẹ̀rín ló máa ń rín." Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá kà á sókè fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. N kò ní fọwọ́ kan ìlà yẹn mọ́ títí yóò fi dé.