Àbọ̀: ìròyìn ìnáwó oṣooṣù tí mo ń fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

“Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba ìròyìn ìnáwó wa lórí Power BI?”

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn, èsì yín sì ti wọlé. Ẹni tó ní kí n kàn fún ẹni tuntun ní páásíwọ́ọ̀dù mi gbà á dé ààbọ̀: orúkọ mi ni ìròyìn náà fi ń fa dátà tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa àkáǹtì mi, ó dúró nìyẹn. Ẹni tó tọ́ka `Take over`, bọ́tìnnì tó ń sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ di onídátà ìròyìn náà, ló jàre. Ẹni tuntun tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ wọ dátábéèsì, ó tẹ `Refresh now` láti fa dátà tuntun wọlé. Àpapọ̀ bá ìwé àkáǹtì mu. Mo kọ ọ́ pé kó máa wo `Refresh history` kó tó fi ránṣẹ́, torí tí fífa dátà tuntun bá kùnà, iye àtijọ́ náà ló ṣì máa hàn sáwọn ọ̀gá. Ta ló máa fọwọ́ sí àtúnṣe lẹ́yìn ìparí oṣù? Wọn ò tíì sọ.