Kí ló ń dínkù nínú tíì tó ń tutù, ooru ni àbí èlé ooru?

Tíṣà Ṣakí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Kí ni ká máa pe ẹ́kísípónẹ́ńṣà dìkéè ní Yorùbá? Kọ́ọ̀pù tíì tó ń tutù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo kọ "ìjẹrà" sójú bọ́ọ̀dù, ni ọmọ kan bá ní ṣé tíì ọ̀hún ti kan ni.

Kọ́lá Atúmọ̀: Ìbéèrè ọmọ yẹn nìkan ti tó láti pa ìjẹrà tì. Igi ń jẹrà, òkú ẹran ń jẹrà, tíì tó wà lórí tábìlì fún wákàtí kan ò jẹrà rárá. Èmi rò pé "ìdínkù díẹ̀díẹ̀" ti tó, kò le lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tí ò ní yé. Tẹ́ ẹ bá dé orí háàfù-láìfù, ìyẹn iye àkókò tí nǹkan fi ń di ìdajì, ẹ pè é ní "ìdajì-ayé", ó parí.

Bàbá Ọ̀yọ́: Kọ́lá ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Gbèsè kọpuréétíìfù tí mò ń san lóṣooṣù, díẹ̀díẹ̀ náà ni, iye kan náà ni mo sì ń san títí á fi tán. Tíì ò ṣe báyẹn. Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n lára ògì: tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú tó ṣì gbóná janjan, kì í pẹ́ tó fi máa rọ̀ débi téèyàn lè máa bu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mu, àmọ́ látibẹ̀ dìgbà tó máa tutù tán, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ìdá ló ń lọ, kì í ṣe iye. Ó dà bí ẹni tó ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣooṣù: tọ́wọ́ ẹ̀ bá kún, ohun tó máa yọ á pọ̀, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ lohun tó ń yọ á máa kéré sí i, owó ọ̀hún ò sì ní tán bọ̀rọ̀. Torí náà "ìdínkù oníìdá" lèmi fọwọ́ sí. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tíì á máa sọ ìdá kan náà nù nínú ooru ẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Bàbá, ẹ ṣeun sà, àpẹẹrẹ ìdá mẹ́wàá yẹn ni màá máa lò láti òní lọ. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí, "nínú ooru ẹ̀", ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti máa dàrú mọ́ Tíṣà lọ́wọ́, torí fíṣíìsì lèmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń ṣubú sí lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo ṣe nínú kíṣìnì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yàrá wà ní dígírì 29. Mo po tíì sínú kọ́ọ̀pù tánganran, mo fi sọ́sà dé e, mo sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago, ó wà ní 85. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ó di 71. Tá a bá ṣe é bí Bàbá ṣe wí, tá a pín 71 sí 85, ohun tó kù jẹ́ 0.835. Ó dáa, ẹ máa fi 0.835 yẹn ṣírò ẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú 20 á fún yín ní 59, ní 30 á fún yín ní 49 àbọ̀, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 60 ẹ ti bá yàrá dọ́gba, tó bá di ìṣẹ́jú 70 ẹ ti wà ní 24. Tíì tí wọ́n gbé sínú yàrá dígírì 29, tí wọ́n dé lórí, tí yìnyín ò sí nítòsí ẹ̀, kò lè di 24 láéláé.

Ohun tó ń lọ ní ìdá kan náà ni iye tí tíì fi gbóná ju yàrá lọ. Níbẹ̀rẹ̀ ó fi 56 ju yàrá lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ó fi 42 jù ú, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 56 géérégé. Ní ìṣẹ́jú 20 mo ka 60 àbọ̀, ó ku 31 àbọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 42 náà nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 30 mo ka 52 àbọ̀, ó ku 23 àbọ̀, ó ṣì bára mu. Tá a bá ṣírò ẹ̀ báyìí dé ìṣẹ́jú 60, tíì á ṣì wà ní nǹkan bí 39, ẹni tó bá sì ki ìka bọ̀ ọ́ nígbà yẹn á mọ̀ pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Iye tó fi ju yàrá lọ yẹn ni mò ń pè ní "èlé ooru". Èlé, bíi ti owó èlé, láti ara "lé" tá à ń lò nínú "ogún ó lé". Yàrá ni ojú owó, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, èlé nìkan ló ń tán lọ. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, báyìí ni tèmi ṣe rí, ìṣẹ́jú ni t dúró fún:

```
T = 29 + 56 * e^(-0.0288 * t)
```

Ẹ ní kí wọ́n wò ó dáadáa pé 29 dá dúró lápá kan. Orúkọ tá a bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ rí i pé 56 ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ìyá Ṣadé, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Èmi ò mọ̀dí tẹ́ ẹ fi ń ṣètò bó ṣe máa tutù, bí kò ṣe ní tutù ló jẹ mí lógún. Tó bá ti di ìgbà òtútù níbí, yàrá mi kì í ju 18 lọ, kí n tó múra fáwọn ọmọ tán láàárọ̀ tíì mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má tètè da mílíìkì sí i, kí n dúró dìgbà tí mo bá fẹ́ mu ún, torí mílíìkì fíríìjì ló ń mú un tutù. Ṣóòótọ́ ni?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Àǹtí, òdìkejì ẹ̀ ni, ẹ tètè da á sí i. Ká ní tíì yín jẹ́ mílílítà 200 ní dígírì 85, mílíìkì jẹ́ 50 ní dígírì 5. Tẹ́ ẹ bá pò wọ́n lójú ẹsẹ̀, á di 69, èlé ẹ̀ lórí yàrá yín á jẹ́ 51. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìsí mílíìkì, èlé ẹ̀ jẹ́ 67, èlé tó pọ̀ ló sì ń yára lọ. Ká fún méjèèjì ní ìṣẹ́jú 10 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kan náà: èyí tẹ́ ẹ ti da mílíìkì sí á wà ní 56 àti díẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá da mílíìkì sí lẹ́yìn ẹ̀ á já sí 55 àbọ̀ àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó dígírì kan. Ìdérí ló máa ràn yín lọ́wọ́ ju mílíìkì lọ.

Bàbá Ọ̀yọ́: Àdùkẹ́, mo gbà fún ẹ lórí ojú owó àti èlé, ó dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ohun kan ń kọ mí lóminú. O ní nǹkan ò lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Omi àmù ńkọ́? Nínú ilé bàbá mi, nígbà ọyẹ́, omi àmù máa ń tutù ju yàrá tí wọ́n gbé e sí lọ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó fi yìnyín sí i. Ṣé èlé tiẹ̀ náà wá di gbèsè ni?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé mo dé tíì mi. Àmù máa ń làágùn. Omi ń gba ara amọ̀ yọ síta, atẹ́gùn ń gbé e lọ, omi tó ń lọ yẹn sì ń kó ooru dání lára èyí tó kù, ọyẹ́ sì gbẹ, ó ń tètè gbé e. Fọ́múlà tí mo kọ ò mọ̀ nípa omi tó ń fò lọ, ooru tó ń gba ara kọ́ọ̀pù bọ́ sínú yàrá nìkan ló mọ̀.

Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójú tíì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Mo tún un ṣe láìdé e, kọ́ọ̀pù kan náà, yàrá kan náà. 85, 66, 54, 46 àbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èlé ẹ̀ jẹ́ 56, 37, 25, 17 àbọ̀. Ẹ wá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí èyí tó ṣáájú ẹ̀: 0.66, 0.68, 0.70. Ìdá ọ̀hún ń yí! Nígbà tó ṣì gbóná janjan, ooru funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí tó ń rú lójú ẹ̀ ń kó púpọ̀ lọ, bó ṣe ń rọ̀ lèyí ń dínkù, ìdá náà wá ń gòkè. Bí Tíṣà ṣe máa mọ̀ nìyẹn. Kó má wulẹ̀ wo bóyá ìlà orí ìwé tẹ̀ kọdọrọ, torí méjèèjì ló máa tẹ̀. Kó pín in, tí ìdá ò bá dúró sójú kan, ohun mìíràn ti dá sí i.

Níútìn alára tó kọ́kọ́ tẹ òfin yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1701, tí ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sí i, irin tó ti pọ́n nínú iná ló lò, ó sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ déédéé. Irin ò ní omi tó ń fò lọ. Kọ́ọ̀pù tíì tá a ṣí sílẹ̀ le ju irin Níútìn lọ.

Kọ́lá Atúmọ̀: Ó yé mi báyìí, mo kó "díẹ̀díẹ̀" mi kúrò. Àmọ́ Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, "oníìdá" yẹn ń bà mí lẹ́rù. Bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀wé láìfàmì sórí ẹ̀, "onida" ló máa di, ọmọ á sì kà á sí onídà, ẹni tó ni idà. Ẹ jẹ́ ká ní "ìdínkù ìdá-àṣẹ́kù", ìyẹn ni pé ìdá inú ohun tó ṣẹ́ kù ló ń lọ. Ó bá oògùn inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn nǹkan bíi yuréníọ̀mù mu pẹ̀lú, torí wọn ò ní yàrá tí wọ́n ń lé.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ìdá-àṣẹ́kù dáa fún gbogbogbò, mo gbà. Fún tíì, mo ṣì fẹ́ kí èlé wà nínú ẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbà ni ìdajì-ayé. Tíì mi tí mo dé, èlé ẹ̀ di ìdajì ní ìṣẹ́jú 24, 56 di 28. Tí ìdajì ayé ẹ̀ bá jẹ́ ìṣẹ́jú 24, ọmọ á rò pé ní 48 ayé ẹ̀ ti pé, ó ti kú, bẹ́ẹ̀ 14 ló ṣì kù, tíì ṣì wà ní 43. Kí lẹ rí sí "àsìkò ìdajì"?

Kọ́lá Atúmọ̀: Àsìkò ìdajì lè jẹ́ hááfùtáìmù bọ́ọ̀lù létí ọmọkùnrin. Ẹ jẹ́ ká ṣì rò ó.

Bàbá Ọ̀yọ́: Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, idà ò ní wọ̀ ọ́. Èmi ò kúrò lórí oníìdá.

Tíṣà Ṣakí: Ẹ ṣé o, mo dúpẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá gbé kọ́ọ̀pù méjì dání, ọ̀kan á ní ìdérí, ọ̀kan ò ní ní. Màá kọ "ìdínkù ìdá-àṣẹ́kù" sókè bọ́ọ̀dù, "èlé ooru" á wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti máa yọ iye yàrá kúrò kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Háàfù-láìfù, mi ò tíì ní kọ ọ́, màá kàn ní kí wọ́n wá ìṣẹ́jú tí èlé fi di ìdajì, kí wọ́n sì sọ orúkọ tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Èyí tí wọ́n bá sọ, màá mú un wá síbí.