Ímeèlì sí sùpáfáísọ̀ láti Abẹ́òkúta: ṣé èyí ti tó?

Ọmọ Ìtokú: Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará wa. Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí, mo ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn aláàdìrẹ ní Ìtokú fún tísíìsì mi. Sùpáfáísọ̀ mi wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí Orí 3 àti 4. Ohun tí mo kọ rèé: «Ẹ káàárọ̀ mà. Orí méjì ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sọ ìgbà tí ààyè bá yọ.» Ṣé ó ti tó?

Bọ̀dá Adátán: Kò tó, àbúrò. Ìkíni yẹn ti kúrú jù. Fi oyè rẹ̀ pè é, kí o béèrè àlàáfíà ilé àti iṣẹ́ kí o tó tọrọ ohunkóhun.

Àǹtí Ìjẹjà: Ti oyè yẹn, òótọ́ ni bọ̀dá sọ. Oyè àti orúkọ ìdílé ni kí o lò, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti ń fi orúkọ àbísọ buwọ́ lùwé sí ọ. Ṣùgbọ́n ìkíni gígùn á ti ẹ̀bẹ̀ rẹ sísàlẹ̀, ìlà méjì àkọ́kọ́ ló sì máa ń hàn lójú fóònù kí èèyàn tó ṣí ìwé.

«Ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò» gan-an ni àléébù rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá èdè ni kóun tún ṣe tàbí àlàyé ni kóun gbé yẹ̀ wò, á wá gbé e tì di ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Sọ ibi tí orí kọ̀ọ̀kan dé, sọ ìbéèrè rẹ àti ojú ìwé tó wà. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, ìwọ ló máa gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì:

> Àkòrí: Ìpàdé lórí Orí 3 àti 4, ní 4 tàbí 6 Oṣù Kọkànlá
>
> Mo ń tọrọ ìpàdé ìṣẹ́jú 45 lórí ẹ̀rọ. Orí 3 ti parí. Orí 4 ṣì jẹ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ìbéèrè méjì ni mo ní.
>
> Orí 3, ojú ìwé 12: mo bá obìnrin 24 sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n 7 nínú wọn kì í rẹ aṣọ láró, títà nìkan ni wọ́n ń tà á. Ṣé kí n kà wọ́n mọ́ ọn, àbí kí n yà wọ́n sọ́tọ̀?
>
> Orí 4, ojú ìwé 31: mo da ẹlẹ́kọ àti oníko pọ̀. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára ti àkọ́kọ́, ìko ni wọ́n fi ń di èkejì, nítorí náà èrò mi ni kí n pín wọn. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?
>
> Mo wà nílẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 4, aago 10 àárọ̀ lọ́dọ̀ yín, tàbí Ọjọ́bọ̀ 6, aago 2 ọ̀sán lọ́dọ̀ yín.

Kíyè sí «lọ́dọ̀ yín» yẹn. Aago kan náà lẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Abẹ́òkúta kì í yí tirẹ̀. Aago 10 tiwọn á wá di 11 tìrẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìpàdé máa ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kò fèsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sun olórí ẹ̀ka ni?

Àǹtí Ìjẹjà: Ẹ má tíì lọ, ìyá wa. Ẹ kọ ìlà méjì péré, kí ẹ fi fèsì sábẹ́ ìwé àkọ́kọ́ yẹn; ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun, kí fáìlì àti ìbéèrè yín lè wà níbẹ̀. Bí kò bá tún fèsì lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ẹ kọ sí sùpáfáísọ̀ kejì, kí ẹ béèrè bóyá ó wà lẹ́nu ìsinmi.

Ọmọ Ìbarà: Ọmọ Ìtokú, bí fọ́tò aṣọ bá pọ̀ nínú Orí 4, Gmail kì í gbà á bó bá ti ju 25MB lọ. Nínú Word, tẹ fọ́tò kan, kí o lo `Compress Pictures`. Bó bá jẹ́ líǹkì lo fẹ́ fi ránṣẹ́, fi àkáǹtì mìíràn dán an wò ná. Bó bá kọ `Request access`, ohun tí òun náà máa rí nìyẹn.

Bọ̀dá Adátán: Èmi ṣì rò pé kó dúró kí ó mú ọjọ́ kó tó fi orí kankan ránṣẹ́. Ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dẹ́rù bani.

Àǹtí Ìjẹjà: Sùpáfáísọ̀ kò ní lè mọ ọjọ́ tó máa tó òun kà láìrí bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, bọ̀dá. Kó fi í ránṣẹ́ pọ̀, kí ó ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá sí ìpàdé.

Bọ̀dá Adátán: Ìyẹn kan ẹni tó bá ń tètè kàwé. Àwọn kan fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ Ìtokú: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ, mo sì ti fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé. Sùpáfáísọ̀ kejì ńkọ́, ṣé kí n fi í sí CC?

Àǹtí Ìjẹjà: Wo ìwé tí sùpáfáísọ̀ àkọ́kọ́ kọ sí ọ kẹ́yìn lórí àwọn orí yìí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ẹni náà sí i, fi í sí i.