Ẹlòmíràn gba síìmù nọ́ńbà báǹkì mi: báwo ni mo ṣe lè dáàbò bò ó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nẹ́tíwọ̀kì dédé lọ lórí fóònù mi. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo ki síìmù náà sínú fóònù ọmọ mi, pàbó. Bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kan náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Mo fi fóònù rẹ̀ pe nọ́ńbà ara mi. Ó dún, ọkùnrin kan sì gbé e! Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Báǹkì ni mo kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí n tó lọ gba líìnì mi padà. Owó ò tíì lọ. Mo ti yí píìnì báǹkì padà. Mo fi píìnì sí síìmù náà pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá jí síìmù gan-an nìkan nìyẹn ń dá dúró, kì í ṣe ẹni tó lọ gba tuntun.

Nọ́ńbà yìí ló wà lára gbogbo báàgì tí mo fi ń ta ọjà. Ṣé kí n gbé àkáǹtì mi méjèèjì lọ sórí nọ́ńbà mìíràn tí oníbàárà kankan ò mọ̀ ni, àbí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lè ti èyí, kí ẹnikẹ́ni má lè gba síìmù rẹ̀ àfi tí mo bá yọjú fúnra mi?