Ọjọ́ àti oṣù ń gba ipò ara wọn nínú Excel, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé ní ṣọ́ọ̀bù wa máa ń wá ní fáìlì CSV, ọjọ́ ló sì ń ṣáájú oṣù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà wa ń lò, oṣù ló ń ṣáájú níbẹ̀.

Bí mo bá ti ṣí fáìlì náà, 03/04/2024, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ojú kò sì ní rí i pé nǹkan ti yí. 25/04/2024 kì í yí ní tirẹ̀, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ńṣe ló máa di ọ̀rọ̀ lásán, tí á fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni mo ti fura. Nígbà tí mo sọ òpó náà di General, èyí tó yí fi 45355 hàn, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 45385. (Iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 ni Excel ń kà yẹn.)

Fọ́múlà tí mo fẹ́ fi tún àwọn tó ti yí ṣe rèé:

```
=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Ṣé ẹ rí ibi tó ti lè já mi kulẹ̀?

Fún fáìlì tó ń bọ̀, From Text/CSV ni mo fẹ́ gbà wọlé, kí n yan Using Locale àti English (United Kingdom). Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ pa Changed Type tó ń dá ara rẹ̀ ṣe rẹ́? Àwa mélòó kan la jọ ń lo kọ̀ǹpútà náà, mi ò lè yí Region rẹ̀.