Ta ló ti kọ ímeèlì àfikún owó oṣù sí ọ̀gá tó ń sọ Faransé rí?

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ kan tó ń ra kajú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń yẹ kajú wò kó tó wọ ọkọ̀. Obìnrin ni máníjà wa, Kùtọnu ló ń gbé, Faransé ni gbogbo ímeèlì rẹ̀. Mo fẹ́ béèrè àfikún owó oṣù. Mi ò fẹ́ kó dà bí ìjà, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni ń tọrọ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ sọ bó ṣe lọ fún yín.

Ọmọ Ọjà Igbó: Kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i jàre. Ó gbọ́.

Bàbá Ìbejì: Ó lè gbọ́ o, àmọ́ ṣé òun ló ń fọwọ́ sí owó? Ọ̀gá tèmi láyé ọjọ́un gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè rẹ̀ ní Páríìsì ló ń sọ iye. Ímeèlì tó bá jẹ́ Faransé, bó ṣe wà ló máa tì í sókè. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi tún un sọ, ibẹ̀ sì ni idajì ohun tó o ṣe máa jábọ́ sí. Ohun kan tún wà: Oṣù Kẹjọ ni mo fi tèmi ránṣẹ́. Gbogbo wọn ti lọ sinmi! Oṣù Kẹsàn-án ni ẹnì kan tó dá mi lóhùn.

Olóyè Ọ̀kẹ́: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjọba ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà láti 2024. Kí lẹ tún ń kọ lẹ́tà fún? Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè: Ẹ ṣé sà. Iléeṣẹ́ aládàáni ni tiwa, ohun tí wọ́n ń san fún mi sì ti kọjá ìyẹn.

Màmá Abíjàn: Ọmọ mi, mo ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àwọn tó ń gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù Abíjàn kí n tó padà sí Ẹ̀jìgbò. Má béèrè owó nínú ímeèlì, béèrè pé kó fún ọ láyè kẹ́ ẹ jókòó sọ ọ́. Orí ìwé rẹ á kà báyìí:

```
Objet : Demande d'entretien au sujet de ma rémunération
```

Lẹ́yìn èyí, kí i: Bonjour Madame. Vous ni kó o máa lò, bó o ṣe ń pe àgbà ní ẹ. Má kọ «je veux», ó le jù létí wọn. «Je souhaiterais» ni. Wàá wá sọ ohun tó o ṣe, ohun méjì tàbí mẹ́ta péré. Ímeèlì tó bá ti gùn, wọn kì í kà á dé ìsàlẹ̀. Kí lo ṣe ná?

Adúmáadán: Màmá Abíjàn, Bonjour Madame ti kéré jù fún ará Kùtọnu. Madame la Directrice ni kó kọ. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn oyè jù wá lọ.

Màmá Abíjàn: Kó wo bí ọ̀gá náà ṣe ń kọ̀wé sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ń kọ Bonjour sí ọ, tó o wá ṣàdédé gbé oyè lé e lórí, á máa wò ó pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Adúmáadán: Mi ò gbà o.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè: Ohun tí mo ṣe rèé, mà. Tẹ́lẹ̀, kajú tútù làwọn àgbẹ̀ ń kó wá, a ó rà á bẹ́ẹ̀, á bu nínú àpò. Mo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wọn omi inú rẹ̀ kí owó tó yọ. Èyí tó bá ti kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n lọ sá a sí i. KOR wa wà ní 45 lọ́dún tó kọjá, ó di 48 lọ́dún yìí. Kò sí ọkọ̀ kankan tí wọ́n dá padà.

Ìjẹ̀rú Kajú: Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé kékeré ni 3 yẹn. KOR ni iye pọ́ùn ọmọ kajú gidi téèyàn ń rí nínú àpò 80 kílò. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 30 gba irú àpò bẹ́ẹ̀ 375. 3 lọ́nà 375 jẹ́ 1,125 pọ́ùn, ó lé ní kílò 500 lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Fi ìyẹn sínú ímeèlì, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ ṣírò owó rẹ̀.

Ọmọ Ọjà Igbó: Háà. Èmi ti ń lọ kọ́ kajú.

Màmá Abíjàn: Ẹ dúró o! Ẹ má fi kọ́mà sí 1,125 yẹn tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ ní Faransé. Kọ́mà wọn ni ojúàmì tiwa. Ọ̀kan lé díẹ̀ ló máa kà á sí. Àlàfo ni wọ́n ń fi sí i: 1 125. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó, 280 000, orúkọ owó á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kó o sì sọ bóyá brut ni tàbí net, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń sọ Faransé, brut ló wà lọ́kàn wọn, kí wọ́n tó yọ owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì.

Adúmáadán: 280,000! Ọ̀gá á ní 280 náírà kẹ̀? Mo fọwọ́ sí i kíákíá!

Bàbá Ìbejì: 😂😂

Òṣìṣẹ́ Lẹ́báà: Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, àmọ́ ta ló ní ìwọ ló gbé KOR sókè? Òjò ọdún yìí ńkọ́? Ibi tẹ́ ẹ ti rà á ńkọ́? Ìbéèrè tí ọ̀gá rẹ máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè: Mo ti rò ó. Ibùdó méjì la ní. Èkejì ò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà títí ìgbà kajú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí wa, 46 ni tiwọn.

Òṣìṣẹ́ Lẹ́báà: Ó dáa, ìyẹn ni kó o fi síwájú. Kì í ṣe ti ọdún tó kọjá.

Ìjẹ̀rú Kajú: Á jẹ́ pé 2 lo máa fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe 3. 750 pọ́ùn. Ó ṣì pọ̀.

Alágbára: Gbogbo ẹ̀ ò pọn dandan. Sọ fún un pé iléeṣẹ́ míì ti pè ọ́. Kíá ni wọ́n máa fi kún un.

Bàbá Ìbejì: Tó bá wá ní «kí ọ̀nà ó dáa o» ńkọ́? Mo mọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún.

Alágbára: Kó máa lọ nìyẹn. Ṣé ẹrú wọn ni?

Màmá Abíjàn: Àbẹ̀kẹ́, fi wọ́n sílẹ̀. Mo to ti Faransé náà pọ̀ fún ọ, o lè yí i bó bá ṣe wù ọ́:

```
Bonjour Madame,

Cette campagne, j'ai mis en place le contrôle de l'humidité
avant l'achat. Notre KOR moyen est de 48, contre 46 dans
l'autre centre, et aucun camion n'a été refusé.

Je souhaiterais échanger avec vous sur l'évolution de ma
rémunération. Je vous serais reconnaissante de bien vouloir
m'accorder un entretien.

Bien cordialement,
```

«Reconnaissante» ni, pẹ̀lú «e» nídìí, torí obìnrin ni ọ́. Iye tó o fẹ́, mú un lọ́wọ́ lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa sọ ọ́.

Ọmọ Ọjà Igbó: Kò sí «veuillez agréer» gígùn yẹn nísàlẹ̀ ni? Olùkọ́ wa ní dandan ni.

Màmá Abíjàn: Lẹ́tà ìjọba nìyẹn wà fún.

Adúmáadán: Ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò, ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ Faransé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ti ń ṣòwò dé Nìjẹ̀ àti Gánà láti ọjọ́ pípẹ́.

Màmá Abíjàn: Èdè wo wá ni wọ́n ń sọ ní Gánà? 😄

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè: Mo ti fi ránṣẹ́ o. Ó ti dáhùn: «Bien reçu, merci. On en parle après la clôture.» Ṣé ó dáa?

Bàbá Ìbejì: Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ìṣirò ọdún nìyẹn. Ó dáa lójú tèmi, ìgbà yẹn ni wọ́n máa mọ èrè tí wọ́n jẹ.

Alágbára: Ó ń fi ọ̀la tàn ọ́ ni.

Òṣìṣẹ́ Lẹ́báà: Béèrè ọjọ́ kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọjà Igbó: Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wọn omi kajú yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?